Asáínmẹ́ǹtì òróró àgbọn: owó àfikún kò bá iye ọjà dọ́gba ní ìlà kankan nínú ṣíìtì mi

Àdùkẹ́_Ìkòròdú

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n fún wa ní asáínmẹ́ǹtì ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Wọ́n ní orí ṣíìtì ni ká ti ṣe é, ká sì ṣàlàyé fọ́múlà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè náà rèé:

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Àgbádárìgì ń ṣe òróró àgbọn. ₦1,075 ni wọ́n ń ra ìgò kan lọ́jà, ilé iṣẹ́ yìí kò sì lágbára lórí iye náà. Owó tí kì í yí jẹ́ ₦5,000 lójúmọ́. Owó tó ń yí, bí wọ́n bá ṣe Q ìgò, jẹ́ 1300Q − 120Q² + 5Q³. (a) Ìgò mélòó ni kí wọ́n máa ṣe lójúmọ́? (b) Bí iye ọjà bá já sí ₦700 ńkọ́? (c) Bó bá já sí ₦550 ńkọ́?

Bí mo ṣe to tèmi nìyí. B1 ni iye ọjà, B2 ni 5000, B3 ni 1300, B4 ni 120, B5 ni 5. Ìlà 8 ni mo kọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan sí. Iye ìgò bẹ̀rẹ̀ láti 0 ní A9, ó parí sí 20 ní A29. Òpó B ni owó tó ń yí, C ni àpapọ̀ owó, D ni owó àfikún, ìyẹn owó tí ìgò kan sí i bù lé e.

```
B9:  =$B$3*A9-$B$4*A9^2+$B$5*A9^3
C9:  =$B$2+B9
D10: =C10-C9
```

Wọ́n kọ́ wa pé ibi tí owó àfikún bá ti bá iye ọjà dọ́gba ni ká dúró sí. Mo wá kọ èyí sí òpó E:

```
E10: =IF(D10=$B$1,"ibí ni","")
```

Mo fà á wálẹ̀ dé E29, gbogbo rẹ̀ ṣófo. Mo fojú ara mi wo òpó D, 1075 kò sí níbẹ̀. Ìgò 15 gbé 975 wá, ìgò 16 gbé 1185 wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé?

Táyọ̀_onísíṣirò

Àdùkẹ́, má da ara rẹ láàmú lórí D yẹn. Ohun tí oníṣòwò ń wá ni ibi tí ìgò kan ti dínwó jù láti ṣe. Wá òpó kan tó ṣófo, pín àpapọ̀ owó sí iye ìgò, kí o wo èyí tó kéré jù:

```
I10: =C10/A10
```

Fà á wálẹ̀. Ní I23 wàá rí 957.14, kò sí èyí tó kéré tó o. Ìlà 23 jẹ́ ìgò 14. Ìgò 14 ni ìdáhùn (a).

Sàká_Ẹ̀pẹ́

Lójú tèmi o, ìbéèrè yẹn kò pé. Bí ọjà bá ti pọ̀ síta ni iye rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ẹni tó bá ti tà lọ́jà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fún yín ní ìlà ohun tí àwọn oníbàárà fẹ́ rà, kí ẹ fi ṣírò owó àfikún tó ń wọlé, kó tó di pé ẹ fi wé owó àfikún tó ń jáde. Ẹ padà lọ bi olùkọ́ yín.

Bọ̀dá_Kúnlé

Sàká, ọ̀rọ̀ rẹ dára fún ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ta ọjà náà. Wo ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: wọ́n ní ilé iṣẹ́ yìí kò lágbára lórí iye ọjà. Ṣe ìgò 1, ṣe ìgò 20, ₦1,075 ni wọ́n máa ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, owó àfikún tó ń wọlé ni 1075 yẹn gan-an, ìbéèrè pé.

Àdùkẹ́, kò sí àṣìṣe nínú B, C àti D rẹ. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni ohun tí D ń wọ̀n. D24 ń yọ àpapọ̀ owó ìgò 14 kúrò nínú ti ìgò 15. Fífò ni, láti orí ìgò kan bọ́ sórí èkejì. Nígbà tí a bá ń fò bẹ́ẹ̀, a lè fo 1075 kọjá láì tẹ̀ ẹ́ rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn. Ìgò kẹẹ̀ẹ́dógún ná wọn ní 975, wọ́n tà á ní 1075, ó lé ọgọ́rùn-ún náírà. Ìgò kẹrìndínlógún ná wọn ní 1185, wọ́n á pàdánù 110 lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe odidi ìgò á dúró sórí 15. Má bi ṣíìtì pé ṣé ó dọ́gba, bi í pé ṣé D ṣì kéré sí iye ọjà.

Ṣùgbọ́n wọ́n fún yín ní ìdọ́gba gan-an, kì í ṣe tábìlì lásán. Mo rò pé olùkọ́ yín fẹ́ rí dìfẹ̀rẹ́ńṣíéṣọ̀n. Pa òpó E tó ṣófo yẹn rẹ́, kí o kọ èyí sí i, kí o sì fi F àti G kún un:

```
E9: =$B$3-2*$B$4*A9+3*$B$5*A9^2
F9: =$B$1*A9
G9: =F9-C9
```

E jẹ́ owó àfikún lójú kan, láìfò. F ni owó tó wọlé, G ni èrè. Fa gbogbo wọn dé ìlà 29. E24 máa fún ọ ní 1075 gééré. Àmọ́ má tíì yọ̀. Wo E10, ìgò kan ṣoṣo: 1075 náà ló wà níbẹ̀. Bí o bá fi `IF` rẹ sórí òpó E, ibi méjì ló máa kọ "ibí ni" sí, ọ̀kan nínú wọn sì ni ibi tó burú jù nínú gbogbo ṣíìtì. Lọ wo òpó G: G10 jẹ́ −5110, kò sí àdánù tó tó o láti ìlà 9 dé 29. G24 jẹ́ 1750, kò sí èrè tó tó o.

Ìdí ni pé owó àfikún kọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀, ó tún wá ń gòkè. Ó kọjá lórí 1075 nígbà tó ń lọ sílẹ̀, ó tún kọjá níbẹ̀ nígbà tó ń gòkè. Èyí tó ń gòkè nìkan ni èrè wà níbẹ̀. Ní ìgò 1, ìgò tó tẹ̀lé e máa dínwó sí i, nítorí náà kò sí ìdí kankan láti dúró níbẹ̀.

Láti jẹ́ kí ṣíìtì fúnra rẹ̀ mú ìlà tó tọ́, kọ èyí sí E1 àti E2:

```
E1: =MAX(G9:G29)
E2: =INDEX(A9:A29,MATCH(E1,G9:G29,0))
```

E1 á mú 1750. `MATCH` á wá 1750 nínú G, á sọ pé ó wà ní ipò kẹrìndínlógún láti òkè, `INDEX` á sì lọ ka ipò kẹrìndínlógún nínú A, tó jẹ́ 15. Má gbàgbé 0 tó wà ní ìparí `MATCH`. Bí o bá yọ ọ́, ṣíìtì á gbà pé a ti to G láti kékeré sí ńlá, a kò sì tò ó bẹ́ẹ̀, ó lè gbé ìlà mìíràn wá láì sọ fún ọ.

Táyọ̀, ìgò 14 kọ́ o. Wo G23 àti G24.

Bímpé_A

Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Kúnlé. Kíláàsì kan náà lèmi àti Àdùkẹ́ wà. Òpó F tèmi ti ya wèrè. Láti F9 wálẹ̀, ohun tí mo rí ni 0, 5000, 2600, 360, 20, 0, 0, lẹ́yìn náà #VALUE!. Owó tó wọlé ṣe wá ń dínkù bí ìgò ṣe ń pọ̀ sí i? Mo ti tún kọ̀ǹpútà tàn.

Táyọ̀_onísíṣirò

Bímpé, `=B1*A9` lo kọ, o kò fi àmì dọ́là sí i. Bí o ṣe ń fà á wálẹ̀, B1 náà ń bá ọ wálẹ̀. F10 fi owó tí kì í yí sọ ìgò 1 di púpọ̀, ibi tí 5000 ti wá nìyẹn. F11 fi 1300 sọ ìgò 2 di púpọ̀, F12 mú 120, F13 mú 5. B6 àti B7 ṣófo, wọ́n gbé òdo wá. B8 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí o kọ sí orí òpó, kò ṣeé ṣírò, ló bá kọ #VALUE!. Tẹ F9, kí o sọ ọ́ di `=$B$1*A9`, kí o tún un fà.

Bọ̀dá Kúnlé, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ní ìgò 14, èrè orí ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 117.86. Ní ìgò 15, ó já sí 116.67. Báwo ni 15 ṣe wá dára jù?

Bọ̀dá_Kúnlé

Ìṣirò rẹ péye, ohun tó ń wọ̀n ni kì í ṣe ohun tí ìbéèrè ń wá. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ yìí kì í jẹ èrè orí ìgò kan, àpapọ̀ ló ń kó lọ sílé. 117.86 lọ́nà 14 jẹ́ 1650. 116.67 lọ́nà 15 jẹ́ 1750. Ìgò kẹẹ̀ẹ́dógún dín ìpín ìgò kọ̀ọ̀kan kù díẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mú ọgọ́rùn-ún náírà wá. Òpó I rẹ yẹn ní ìwúlò tirẹ̀: bí iye ọjà bá bọ́ sábẹ́ 957 yẹn, kò sí iye ìgò tó lè mú èrè wá. Ìyẹn la máa lò fún (b) àti (c).

Táyọ̀_onísíṣirò

Ó ti yé mi lórí àpapọ̀. Àmọ́ ṣé a kò lè tún D yẹn ṣe láìsí dìfẹ̀rẹ́ńṣíéṣọ̀n? Bí a bá sọ A10 di `=A9+0.5` ńkọ́, kí fífò náà kúrú?

Bọ̀dá_Kúnlé

Ó ṣeé ṣe, ó sì dára láti fi hàn. Ṣùgbọ́n D gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú:

```
D10: =(C10-C9)/(A10-A9)
```

Láti orí 14.5 dé 15, owó lé ní 511.875. Bí ẹ kò bá pín in sí 0.5, ẹ ó rò pé owó àfikún ṣì jìnnà sí 1075, ẹ ó máa ṣe ìgò lọ. Bí ẹ bá pín in, 1023.75 ni. Láti 15 dé 15.5, 1128.75 ni. Ẹ rí i pé 1075 ṣì wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n àlàfo náà ti dín sí ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ óò nílò ìlà tó pọ̀ sí i kí A tó dé 20, kí ẹ sì na àwọn fọ́múlà E1 àti E2 dé ibẹ̀.

Àdùkẹ́_Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí 15 àti 1750. Fún (b), mo kàn yí B1 padà sí 700. E2 fún mi ní 13, E1 fún mi ní −3505. Mo yí B1 sí 550, E2 fún mi ní 12, E1 ní −5360. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé 12 ni ìdáhùn (c)?

Ohun mìíràn tún ni pé nínú òpó E, kò sí 700, kò sì sí 550.

Bímpé_A

Àdùkẹ́, tèmi fún mi ní 0 àti −5000 ní (c). Báwo lo ṣe kọ E1 rẹ?

Àdùkẹ́_Ìkòròdú

`=MAX(G10:G29)`. D bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 10, mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bọ̀dá_Kúnlé

Ibẹ̀ ni Bímpé ti yàtọ̀ sí ọ, Bímpé ló sì tọ́. Ìlà 9 ni ìlà ẹni tí kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá fi í sílẹ̀, o ti fi agbára mú ilé iṣẹ́ náà láti ṣe ó kéré tán ìgò kan, ṣíìtì á wá fún ọ ní èyí tó sàn díẹ̀ nínú àwọn tó burú. Ní ₦550, ìgò 12 máa mú 6600 wọlé, owó tó ń yí nìkan sì jẹ́ 6960. Kò tilẹ̀ lè san owó àgbọn àti iná, ká má tíì sọ 5000 yẹn. Bí wọ́n bá jókòó sílé, 5000 ni wọ́n pàdánù. Bí wọ́n bá ṣe ìgò 12, 5360 ni. Kí wọ́n jókòó.

Ní ₦700, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìgò 13 mú 9100 wọlé, owó tó ń yí jẹ́ 7605. Ó ṣẹ́ ku 1495 tí wọ́n lè fi dí lára 5000. Wọ́n pàdánù lóòótọ́, ṣùgbọ́n 3505 kéré sí 5000, nítorí náà kí wọ́n máa ṣe é lọ fún ìgbà díẹ̀.

Láti fi ibi tí ààlà wà han olùkọ́, fi òpó kan kún un:

```
H10: =B10/A10
```

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ ní H9, òdo ni yóò fi pín, #DIV/0! ló máa kọ. Èyí tó kéré jù wà ní H21, ìgò 12, 580. Bí iye ọjà bá wà lókè 580, kí wọ́n ṣiṣẹ́. Bó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ní ti òpó E tí kò ní 700, olùkọ́ yín ló fọgbọ́n mú 1075 kó lè bọ́ sórí odidi ìgò 15. Fún 700, ibi tí wọ́n ti dọ́gba wà ní bí 12.9. Fún 550, ó wà ní bí 11.74. Kò sí nínú A. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé òpó èrè.

Ìyá_Ìbejì_Àgbádárìgì

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ń ṣe òróró àgbọn, ìdí ẹ̀ tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè nìyẹn. Ẹni tó kọ ìdọ́gba yẹn ti dé ìdí iná rí tàbí ó bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ìgò àkọ́kọ́ ló máa ń wọ́n jù. Iná tí màá dá fún ìgò kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí màá dá fún mẹ́fà, ìkòkò kan náà ni, ọmọ kan náà ló ń rin àgbọn. Bó bá wá pọ̀ jù, ìkòkò á kún, àá sè é lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ á ṣú, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á ní kí n fi nǹkan kún owó òun.

Ṣùgbọ́n 5000 yẹn ni kò yé mi. Lọ́dọ̀ tèmi, ojoojúmọ́ ni mo ń háyà ẹ̀rọ tó ń rin àgbọn. Ọjọ́ tí n kò bá ṣiṣẹ́, n kì í san kọ́bọ̀. Bí ìgò bá di ₦700, kí ni mo fẹ́ pàdánù 3505 sí, nígbà tí mo lè jókòó sílé kí n má pàdánù nǹkan kan? Ọmọ mi Àdùkẹ́, má gbà fún wọn o.

Sàká_Ẹ̀pẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Nínú ìdánwò, owó tí kì í yí kì í yí náà ni. Ẹ ṣiṣẹ́, ẹ kò ṣiṣẹ́, ẹ ó san án. Bí Àdùkẹ́ bá kọ ohun tí ẹ sọ yìí, wọ́n á gé máàkì rẹ̀.

Bọ̀dá_Kúnlé

Sàká, má yára. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ni ẹsẹ̀ tí ìdáhùn (b) dúró lé. Owó lè máà yí pẹ̀lú iye ìgò, síbẹ̀ kí a má san án lọ́jọ́ tí a kò ṣiṣẹ́. Rẹ́ǹtì ọlọ́dún tí a ti san tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí à ń háyà lójoojúmọ́. Ní ti rẹ́ǹtì, 580 ni ààlà. Ní ti ẹ̀rọ tí Ìyá Ìbejì ń háyà, ààlà ni 957.14 tó wà nínú òpó I ti Táyọ̀.

Ẹ lè fi ṣíìtì hàn án. Ẹ yí C9 nìkan padà, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
C9: =IF(A9=0,0,$B$2)+B9
```

Ẹ fi 700 sí B1. E2 á di 0, E1 á di 0. Ẹ fi 1075 padà síbẹ̀, 15 àti 1750 ni ẹ ó tún rí, nítorí pé ìdáhùn (a) kò gbára lé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kàn kíyè sí D10: yóò fò láti 1185 sí 6185, nítorí ìgò àkọ́kọ́ ló ń ru owó ẹ̀rọ. Àwọn ìlà tó kù nínú D kò ní yí.

Àdùkẹ́_Ìkòròdú

Mo ti dán an wò, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ ṣé mà, Ìyá Ìbejì. Ìbéèrè náà kàn sọ pé "owó tí kì í yí lójúmọ́", kò sọ bóyá wọ́n ń san án lọ́jọ́ tí wọn kò ṣí. Mo fẹ́ ṣe ṣíìtì méjì, kí n kọ sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan irú owó tí mo gbà pé 5000 yẹn jẹ́.

Sàká_Ẹ̀pẹ́

Èmi ò bá má ṣe méjì. Ẹni tó ń ṣe máàkì lè ní o kò mọ èyí tó o fẹ́ mú. Fi 13 sílẹ̀ fún (b), kí o kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ rẹ̀ pé bí wọn kò bá ní san 5000 lọ́jọ́ tí wọn kò ṣí, 0 ni.

Bímpé_A

Àdùkẹ́, bi í ní kíláàsì lọ́la kó tó di pé o tún bẹ̀rẹ̀ ṣíìtì kejì. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.